Ohun Tí Dẹ́ńsítì Ara Ìgò Wà Fún: Ìṣirò Mólárítì, Mólálítì àti Ìdá Ọgọ́rùn-ún Ògidì Ásíìdì

Bí a bá gbé ìgò ásíìdì haidirokilóríìkì tuntun sórí tábìlì láàbù, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ tí a lè fi ṣe ìṣirò: 37%, 1.18 àti 36.46. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹni tó fẹ́ lò ó ń wá lè má sí níbẹ̀ rárá. Ó fẹ́ mọ iye móólù tó wà nínú lítà kan, kí ó lè mọ iye mililítà tí yóò bù sínú omi. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni yóò fi wá a.

Ìṣirò náà kò gùn, síbẹ̀ ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ rú, ó sì máa ń da olùkọ́ pàápàá rú nígbà mìíràn. Ohun tó fà á ni pé fọ́múlà ni ọ̀pọ̀ há sórí. Ẹni tó há fọ́múlà sórí kò mọ ibi tí 1000 inú rẹ̀ ti wá, kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun fi dẹ́ńsítì sọ di púpọ̀ ni tàbí kí òun fi pín. Kókó kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń sọ iye ásíìdì tó wà nínú omi, ìwúwo nìkan ni méjì ń lò. Ẹ̀kẹta ń lo àyè tí omi náà gbà. Dẹ́ńsítì ni a fi ń rékọjá láti ìwúwo sí àyè, tàbí láti àyè sí ìwúwo. Níbi tí kò bá ti sí ìrékọjá, dẹ́ńsítì kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ohun tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí 37%. Ó túmọ̀ sí pé nínú gbogbo 100 gíráàmù ohun tó wà nínú ìgò, 37 gíráàmù ni HCl, 63 gíráàmù tó kù sì jẹ́ omi. Gáàsì ni HCl fúnra rẹ̀. Inú omi ni wọ́n ti jẹ́ kó yòrò. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ògidì ásíìdì, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì bù ú là lẹ́yìn tó kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ohun tó yẹ kí a di mú nínú nọ́ńbà yìí ni pé ìwúwo lórí ìwúwo ni. Kò sọ pé 37 gíráàmù wà nínú 100 mililítà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, àmọ́ a ó rí i láìpẹ́ pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ti ibẹ̀ wá.

Nọ́ńbà kejì, 1.18, ni dẹ́ńsítì. Ó ń sọ pé mililítà kan ásíìdì inú ìgò náà wúwo tó 1.18 gíráàmù nígbà tí ooru rẹ̀ bá wà ní 20°C. Oríṣiríṣi ni ilé iṣẹ́ ń gbà kọ ọ́. Àwọn kan á kọ 1.18 g/mL, àwọn kan á kọ pé lítà kan jẹ́ 1.18 kílò, àwọn mìíràn á sì kọ 1.18 lásán láìfi ohunkóhun tẹ̀ lé e. Èyí tó dá dúró yẹn ń sọ iye ìgbà tí ásíìdì náà wúwo ju omi lọ. Níwọ̀n bí mililítà omi kan ti wúwo tó nǹkan bí gíráàmù kan, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn já sí.

Nọ́ńbà kẹta, 36.46, ni ìwúwo móólù HCl kan ní gíráàmù. Móólù jẹ́ iye kan tí kì í yí padà, 6.022 × 10²³ horo. Oníkẹ́mísírì ń fi í ka nǹkan nítorí pé nígbà tí ásíìdì bá pàdé ohun mìíràn, iye horo ni wọ́n fi ń bára wọn dọ́gba, kì í ṣe ìwúwo. Bí a bá ní gíráàmù HCl lọ́wọ́, tí a sì fi 36.46 pín in, móólù ni yóò jáde.

Bí dẹ́ńsítì ṣe dé ara ìgò

Kò sí ẹni tó fi dẹ́ńsítì síbẹ̀ láti fi dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kun. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ láti mọ bí ásíìdì ṣe kún tó nínú omi, láìṣe ìdánwò kẹ́míkà kankan, ni láti wo bí omi náà ṣe wúwo tó. Ní ọdún 1768, apòògùn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Antoine Baumé, gbé haidirómítà tirẹ̀ jáde. Gíláàsì tó ń léfòó ni, wọ́n fa ìlà nọ́ńbà sí ọrùn rẹ̀. Bí omi bá ṣe wúwo tó ni gíláàsì náà yóò ṣe yọrí sókè tó. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn oníṣòwò ásíìdì fi ń ta ọjà wọn ní ìwọ̀n Baumé, àwọn kan ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ nílẹ̀ wa mọ irinṣẹ́ yìí dáadáa. Bí wọ́n bá fa omi bátìrì sínú gíláàsì rẹ̀ tó sì dúró sí nǹkan bí 1.28, wọ́n mọ̀ pé bátìrì náà ti kún. Ásíìdì sọ́fúríìkì tó tó nǹkan bí 37% ló ń wúwo báyẹn. Ẹ kíyè sí i pé 37% ni tibí náà, bíi ti HCl inú ìgò wa, ṣùgbọ́n 1.28 ni ọ̀kan, 1.18 ni èkejì. Dẹ́ńsítì ásíìdì kan kò ṣeé yá lò fún òmíràn.

Ọ̀nà mẹ́ta, ìsàlẹ̀ mẹ́ta

Ìdá ọgọ́rùn-ún ní ìwúwo ń béèrè pé: gíráàmù ásíìdì mélòó ló wà nínú 100 gíráàmù àpòpọ̀? Àpòpọ̀ tí mo wí yìí ni ásíìdì àti omi lápapọ̀.

Mólárítì, tí a ń fi lẹ́tà ńlá M kọ, ń béèrè pé: móólù ásíìdì mélòó ló wà nínú lítà kan àpòpọ̀? Òun ló wúlò jù nínú láàbù, nítorí bùrẹ́ẹ̀tì àti pipẹ́ẹ̀tì kì í wọn ìwúwo. Àyè ni wọ́n ń wọ̀n.

Mólálítì, tí a ń fi lẹ́tà kékeré m kọ, ń béèrè pé: móólù ásíìdì mélòó ló wà fún kílò omi kan? Ẹ wò ó dáadáa: kílò omi nìkan ni, kì í ṣe kílò àpòpọ̀. Lewis àti Randall, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lò ó nínú ìwé wọn tó jáde ní ọdún 1923. Ìdí tí irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ooru kò lè yí i padà. Bí ooru bá mú, omi á fẹ̀ sí i, lítà á gba ohun tó dín díẹ̀, mólárítì á sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru kì í fi kún ìwúwo, kì í sì í dín in kù.

Ohun tó ń ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ nìyẹn. Ásíìdì ló wà lókè nínú gbogbo wọn. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló yàtọ̀: ìwúwo àpòpọ̀, àyè àpòpọ̀, ìwúwo omi.

Ẹni tó bá ń ná ọjà mọ bí ìwúwo àti àyè ṣe ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Kóńgò gàrí kan àti kóńgò ìrẹsì kan gba àyè kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò wúwo bákan náà lórí ìwọ̀n. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ kílò tó wà nínú kóńgò márùn-ún, àfi kí ó mọ bí kóńgò kan ṣe wúwo tó. Ohun tí dẹ́ńsítì ń ṣe fún ásíìdì nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìdá ọgọ́rùn-ún sí mólárítì

Níwọ̀n bí mólárítì ti ń béèrè nípa lítà kan, ẹ jẹ́ ká mú lítà kan ásíìdì inú ìgò wa ní ọkàn, ká sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Báwo ni lítà náà ṣe wúwo tó? Mililítà kan jẹ́ 1.18 gíráàmù, 1000 mililítà ló wà nínú lítà:

1000 × 1.18 = 1180 gíráàmù

Ibi tí 1000 ti wá nìyẹn. Iye mililítà inú lítà kan ni, kò ní àṣírí mìíràn.

Gíráàmù mélòó nínú èyí ni HCl? Ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀:

1180 × 0.37 = 436.6 gíráàmù

Móólù mélòó nìyẹn?

436.6 ÷ 36.46 = 11.97 móólù

Nítorí náà ásíìdì inú ìgò náà jẹ́ 12 M ní ṣókí. Bí a bá kó ìgbésẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, fọ́múlà tí wọ́n ń há sórí ló jáde:

M = (1000 × dẹ́ńsítì × ìdá) ÷ ìwúwo móólù

Kò sídìí láti tẹ̀ lé nọ́ńbà jìnnà ju 12 lọ. Ọ̀pọ̀ ìgò ni kì í kọ 37% pàtó. Wọ́n á kọ pé ó wà láàárín 36.5% sí 38.0%. Bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ìṣirò, a ó rí 11.8 M ní ìsàlẹ̀ àti 12.3 M ní òkè. Ẹni tó bá kọ 11.975 M sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ ohun tí ìgò náà kò sọ fún un.

Láti ìdá ọgọ́rùn-ún sí mólálítì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń gbé dẹ́ńsítì wọlé láìnídìí. Ìdá ọgọ́rùn-ún jẹ́ ìwúwo, mólálítì náà jẹ́ ìwúwo. Kò sí àyè tí a fẹ́ rékọjá sí. Ẹ jẹ́ ká mú 100 gíráàmù àpòpọ̀ dípò lítà kan.

Nínú 100 gíráàmù náà, 37 gíráàmù ni HCl:

37 ÷ 36.46 = 1.015 móólù

Omi tó kù jẹ́ 63 gíráàmù, ìyẹn 0.063 kílò:

1.015 ÷ 0.063 = 16.1 móólù fún kílò omi kan

Ásíìdì kan náà, ìgò kan náà: 12 M ni, 16.1 m sì ni. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì.

A lè fi lítà tí a lò lẹ́ẹ̀kan yẹ èyí wò. Lítà náà wúwo tó 1180 gíráàmù, 436.6 gíráàmù nínú rẹ̀ sì jẹ́ HCl. Omi rẹ̀ wá jẹ́ 743.4 gíráàmù, tàbí 0.7434 kílò. Bí a bá fi èyí pín móólù 11.97, 16.1 náà ló tún jáde. Dẹ́ńsítì wọlé ní ọ̀nà kejì yìí, àmọ́ ó wà nínú iye móólù, ó sì wà nínú iye omi, nítorí náà wọ́n pa ara wọn rẹ́. Bí a tilẹ̀ fi dẹ́ńsítì tó jẹ́ irọ́ ṣe é, 16.1 ni a ó bá pàdé. Ìyẹn ni ẹ̀rí pé kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí a fi gbogbo àpòpọ̀ pín dípò omi nìkan. Ẹni tó fi 0.1 kílò pín 1.015 yóò rí 10.1. Àmì kan wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n: fún ògidì ásíìdì tó ní ìdá púpọ̀ bíi tiwa yìí, mólálítì gbọ́dọ̀ ga ju mólárítì lọ, nítorí pé omi tó wà nínú lítà rẹ̀ kan kò pé kílò kan. Bí mólálítì bá kéré sí mólárítì, a ti fi nǹkan mìíràn pín.

Ìrìn àpadàbọ̀

Bí ẹnì kan bá fún wa ní mólárítì tó sì ní ká wá ìdá ọgọ́rùn-ún, ìgbésẹ̀ kan náà ni a ó tọ̀ láti ẹ̀yìn. Ká sọ pé ásíìdì jẹ́ 12 M, dẹ́ńsítì rẹ̀ sì jẹ́ 1.18. Móólù 12 jẹ́ 12 × 36.46, ìyẹn 437.5 gíráàmù HCl. Lítà kan rẹ̀ jẹ́ 1180 gíráàmù. 437.5 nínú 1180 jẹ́ 37.1%.

Láti mólálítì sí mólárítì ni ó gba sùúrù díẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ méjèèjì ni ó yí padà: láti omi sí àpòpọ̀, àti láti ìwúwo sí àyè. A ó mú kílò omi kan, nítorí òun ni mólálítì mọ̀. Móólù 16.1 tó wà pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ 16.1 × 36.46, ìyẹn 587 gíráàmù HCl. Àpapọ̀ àpòpọ̀ jẹ́ 1587 gíráàmù. Ní báyìí a fẹ́ kúrò lórí ìwúwo lọ sí àyè, nítorí náà a ó fi dẹ́ńsítì pín:

1587 ÷ 1.18 = 1345 mililítà, tàbí 1.345 lítà

16.1 ÷ 1.345 = 11.97 M

A ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iyèméjì lórí bóyá kí òun sọ di púpọ̀ tàbí kí òun pín, kí ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ní mililítà tó sì ń wá gíráàmù, yóò fi dẹ́ńsítì sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá ní gíráàmù tó sì ń wá mililítà, yóò fi pín.

Sọ́fúríìkì: níbi tí ìyàtọ̀ ti di gbọ̀ngbọ̀nràn

Ìdí tí ọ̀pọ̀ kì í fi mọ ìyàtọ̀ mólárítì àti mólálítì ni pé ásíìdì àbùlà ni wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́. HCl tó jẹ́ 1 M ní dẹ́ńsítì tó tó nǹkan bí 1.016, mólálítì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1.02. Tó bá jẹ́ 0.1 M, ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú kò ní rí i. Ẹni tí irú èyí ti mọ́ lára á máa rò pé nǹkan kan náà ni méjèèjì.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá wo ásíìdì sọ́fúríìkì tó jẹ́ 98%, tí dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ 1.84, tí ìwúwo móólù rẹ̀ sì jẹ́ 98.08. Lítà kan rẹ̀ wúwo tó 1840 gíráàmù. Ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ 1803 gíráàmù, ìyẹn móólù 18.4. Nítorí náà 18.4 M ni. Omi tó wà nínú gbogbo lítà yẹn kò ju 36.8 gíráàmù lọ, kò tó síbí ìjẹun mẹ́ta. Bí a bá fi 0.0368 kílò pín móólù 18.4, mólálítì tó jáde jẹ́ 500.

Ẹni tó rí 500 lè rò pé òun ti ṣì í. Kò ṣì í. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé kí a tó rí kílò omi kan kó jọ láti inú ásíìdì yìí, a ó ti kó móólù ásíìdì 500 pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ wa pé mólálítì kì í ṣe ohun tí a ń lò fún irú ásíìdì bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 97% dípò 98%, omi inú 100 gíráàmù á di 3 gíráàmù dípò 2, mólálítì á sì já láti 500 sí 330. Mólárítì á kàn rọra kúrò ní 18.4 bọ́ sí 18.2. Ìdá kan ṣoṣo ló yí padà, síbẹ̀ mólálítì pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan.

Àṣìṣe, àti bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ ni kí a ka 37% sí 37 gíráàmù nínú 100 mililítà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á sọ pé lítà kan ní 370 gíráàmù, á fi 36.46 pín in, á sì rí 10.15 M. Kò mọ̀ pé òun ti ka dẹ́ńsítì sí 1, bí ẹni pé omi lásán ló wà nínú ìgò.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e dé ibi tí yóò já sí. Ó fẹ́ ṣe lítà kan HCl 1 M. Bí ìgò bá jẹ́ 10.15 M lóòótọ́, mililítà tó nílò jẹ́ 1000 ÷ 10.15, ìyẹn 98.5. Ṣùgbọ́n 11.97 M ni ìgò, 83.5 mililítà ló yẹ kí ó bù. Ohun tó pò wá di 1.18 M. Nọ́ńbà tó fi ga jù náà ni dẹ́ńsítì tó gbàgbé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà gbogbo. Tó bá jẹ́ sọ́fúríìkì ni, ohun tó pò á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ohun tó rò, nítorí 1.84 ni dẹ́ńsítì rẹ̀.

Sódíọ̀mù kábọ́néètì ló máa ń tú àṣírí yìí. A ó wọn 5.30 gíráàmù èyí tó gbẹ dáadáa, a ó yọ́ ọ sínú omi títí yóò fi pé lítà kan; ó di 0.05 M. A ó fi pipẹ́ẹ̀tì fa 25 mililítà rẹ̀, a ó kán mẹ́tíìlì ọ́rẹ́ńjì sí i, a ó sì máa da ásíìdì tí a ti tún bù là ní ìlọ́po mẹ́wàá sí i láti inú bùrẹ́ẹ̀tì. Bí ásíìdì náà bá jẹ́ 0.100 M lóòótọ́, 25.0 mililítà rẹ̀ ni yóò mú àwọ̀ yí padà. Bí àwọ̀ bá yí padà ní nǹkan bí 21.2 mililítà, kí a fi 21.2 pín 25. Ohun tó jáde jẹ́ 1.18, a sì ti mọ ohun tí a gbàgbé.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan tún wà tí kò gba bùrẹ́ẹ̀tì. Ìwúwo ásíìdì inú lítà kan kò lè ju ìwúwo lítà náà lọ. Ẹni tó ní 18.4 M sọ́fúríìkì tó sì ka lítà kan sí 1000 gíráàmù yóò rí nǹkan bí 1800 gíráàmù ásíìdì nínú rẹ̀, ìyẹn 180%. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni, kí ó padà lọ wá dẹ́ńsítì.

Ohun tí ara ìgò kò lè sọ

Nọ́ńbà ara ìgò jẹ́ òótọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gáàsì HCl kì í fẹ́ràn láti dúró sínú omi bí ó bá pọ̀ tó báyìí. Èéfín funfun tí a ń rí lẹ́nu ìgò nígbà tí a bá ṣí i jẹ́ ásíìdì tó ń sá lọ. Ìgò tí wọ́n ti ń ṣí fún ọdún méjì nínú yàrá tó gbóná lè ti kúrò ní 37%, kò sì sí ìṣirò tó lè sọ ibi tó wà. Ooru pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀, nítorí 20°C ni wọ́n kọ dẹ́ńsítì fún, láàbù tó wà ní 32°C sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn kì í ju kí mólárítì wálẹ̀ díẹ̀, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Sọ́fúríìkì ní ìṣòro mìíràn. Àwọn kan rò pé bí ásíìdì bá ṣe ń kún sí i ni yóò máa wúwo sí i títí dé 100%. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 20°C, èyí tó jẹ́ 95% wúwo tó 1.834, èyí tó jẹ́ 97% wúwo tó 1.836, èyí tó jẹ́ 100% sì padà sí 1.831. Ó gòkè, ó tún sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ti haidirómítà bọ ògidì sọ́fúríìkì tó sì rí 1.834 kò lè mọ̀ bóyá 95% ni tàbí 99%, nítorí méjèèjì wúwo bákan náà. Ìdá tí wọ́n kọ sára ìgò ni yóò gbára lé, tàbí kí ó fi bùrẹ́ẹ̀tì wá a fúnra rẹ̀.

Pípò rẹ̀

Fún lítà kan HCl 1 M, 83.5 mililítà ni ìṣirò wa sọ. Nítorí pé ìgò náà lè wà níbikíbi láàárín 11.8 M sí 12.3 M, sílíńdà ìwọ̀n lásán ti tó láti fi bù ú, 83 tàbí 84 mililítà. Omi ni yóò kọ́kọ́ wọ inú ife, nǹkan bí ìdajì lítà, lẹ́yìn náà ni a ó rọra da ásíìdì sínú omi, níwájú ihò tó ń fa èéfín tàbí níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. A kì í da omi sínú ásíìdì, pàápàá jù lọ sọ́fúríìkì, nítorí ooru rẹ̀ lè mú omi hó lójijì kí ó sì ta síni lára. Lẹ́yìn tó bá tutù tán ni a ó dà á sínú fúláásìkì onílítà kan, a ó sì fi omi kún un dé ojú ìlà.

Ohun tí a óò kọ sára ìgò tuntun yìí lẹ́yìn pípò ni "nǹkan bí 1 M" àti ọjọ́ tí a pò ó. Ìgbà tí sódíọ̀mù kábọ́néètì bá ti sọ tirẹ̀, tí a rí i pé 0.98 M ni tàbí 1.02 M, ni a óò pa "nǹkan bí" rẹ́, tí a óò sì kọ nọ́ńbà tó jáde gan-an síbẹ̀.